Orúkọ Tí Ìyàwó Kankan Kò Lè Pè

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nílé ìwé ni kí n kọ lẹ́tà tó rẹwà. Bí tíṣà bá ní kí n ro méje pọ̀ mọ́ mẹ́jọ, mo máa kọ méje kan tó nàró bí ọlọ́pàá, mo máa kọ mẹ́jọ kan tó sanra níbàdí, mo sì máa jókòó máa wò wọ́n títí agogo á fi dún. Wọn ò pọ̀ mọ́ra rí. Èmi náà ò fipá mú wọn.

Bóyá èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ o, bóyá ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀ o, ẹjọ́ yẹn ò tíì parí nílé wa. Ohun tó dá mi lójú ni pé ní ọjọ́ tí mo kó síléètì mi wálé, bàbá mi ò bú mi, kò nà mí. Ó kàn lọ sẹ́yìn ilé, ó mú ọkọ́ kan jáde, ó gbé e ti ògiri níwájú mi, ó ní, "Ó ti ń dúró dè ọ́."

Àbúrò bàbá mi ló gbà mí lọ́wọ́ ọkọ́ yẹn. Bàbá Kékeré là ń pè é. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí ẹ bá kà á dé ìdí, ẹ máa rí i pé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wá bá bàbá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní ọmọ yìí. Ẹni tó lè kọ̀wé ni mò ń wá."

Bàbá mi wò mí, ó wo ọkọ́ náà. Ó ní, "Mú un. Ṣùgbọ́n ọkọ́ yìí ò ní kúrò níbi tó wà."

Lásìkò yẹn, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ọ̀fà. Àwa tí a wà ní Òsí ò tíì rí i, ṣùgbọ́n a ti ń rí àwọn ohun tó ń kó wá. Ọṣẹ òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà Ìlọ́fà, ó funfun, ó ní igun mẹ́rin, àwòrán kìnnìún wà lára bébà tí wọ́n fi wé e. Àwọn èèyàn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ kìnnìún. "Ẹ fún mi ní oníkìnnìún," ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún Bàbá Kékeré lọ́kàn, torí ilé ọlọ́ṣẹ nilé tirẹ̀.

Mẹ́rin lohun tí wọ́n ń ṣe nílé náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ìyáálé, ló ń se ọṣẹ dúdú. Òun ló kọ́kọ́ sọ ilé náà di ilé, wọ́n ń wá ra ọṣẹ rẹ̀ láti Òkè-Òpin títí dé Ìlọ́fà. Ìyàwó kejì, ọmọ Ìsọ̀lọ̀, ló ń yan àdín. Ìyàwó kékeré ló ń lọ aṣáà. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ń po oògùn eku, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró tì í bó bá ń pò ó, bí ẹni pé àwọn eku á gbọ́. Ìgbà kan tó lọ Ọ̀fà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó gbé e wálé bí ẹni gbé ẹ̀wù tuntun. Ó ní òun kì í ṣe oníṣòwò mọ́, òun ti di kọ́ńpìnnì.

Ọ̀fà yẹn náà ló ti pàdé akọ̀wé kan tó ń ra ọjà jọ fún ìsọ̀ ńlá kan nídìí ọkọ̀ ojú irin. Akọ̀wé náà wá bá wa ní Òsí. Ó wọ bàtà, ó dé fìlà, ó fi ìka kan ọṣẹ, ó gbọ́ òórùn àdín, ó fín aṣáà díẹ̀, ó sín, ó nu imú. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn eku dé iwájú rẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, ọjà yín dáa. Ṣùgbọ́n kò ní orúkọ."

Bàbá Kékeré ní, "Báwo ni kò ṣe ní orúkọ? Ọṣẹ ni. Àdín ni."

"Ọṣẹ pọ̀ láyé, Bàbá. Bí mo bá gbé e sórí pẹpẹ ní Ọ̀fà, kí ni ẹni tó rà á lónìí máa pè é bó bá padà wá lọ́la?"

Ó wá jókòó, ó la ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ó ní ọ̀nà méjì làwọn kọ́ńpìnnì etí òkun ń gbà ṣe é. Òmíràn wà, orúkọ ilé ló ń fi sára gbogbo ohun tó bá ń tà. Abẹ́rẹ́ ni o, ìkòkò ni o, orúkọ kan náà ni. Ẹni tí abẹ́rẹ́ wọn ti wù máa ra ìkòkò wọn láì wo inú rẹ̀. Òmíràn sì wà, ọṣẹ rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, ọtí rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ń mu ọtí náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé kan náà ló se ọṣẹ tóun fi wẹ̀ láàárọ̀. Bí ọtí bá kan, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́rin, ìpolówó mẹ́rin ni, kò sí èyí tó máa ran èkejì lọ́wọ́.

Bàbá Kékeré ní, "Èwo ló dáa níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa mú un. Ọjà Òsí tó máa tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ yìí, mo máa wá dúró sáàárín ọjà, mo máa la etí mi. Èyí tí àwọn èèyàn bá ń fi orúkọ bèèrè, mo máa gbé e lọ sí Ọ̀fà. Èyí tí wọn ò bá forúkọ bèèrè nílé, ta ló máa bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn odi?"

Bó ṣe lọ báyìí, bàbá mi tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí bàtà ti wọlé ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ọjà yín bá wọ Ọ̀fà, ọmọ yìí di akọ̀wé. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kó yáa wá bá mi lóko lọ́jọ́ kejì ọjà."

Báyìí ni a ṣe pàdé nínú ìyẹ̀wù Bàbá Kékeré, òun, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta, àti èmi tí mo jókòó sórí àpótí bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tèmi kò pọ̀. Ọṣẹ mi kò bá eku tan. Ẹ fún un lórúkọ tirẹ̀, ẹ fún eku ní tirẹ̀. Bí aṣáà yìí bá ba imú ẹnìkan jẹ́ lọ́jọ́ kan, mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bú ọṣẹ."

Ìyàwó kékeré ní, "Aṣáà mi kì í ba imú jẹ́, Ìyá."

"Mo ní bí ó bá ṣẹlẹ̀."

Mo wúkọ́. Mo ti ń dúró de ìgbà tí mo máa wúkọ́. Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ọṣẹ ti gbajúmọ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ ọ̀kan, ọṣẹ á fa àwọn yòókù lọ́wọ́ wọlé. Ẹni tó ti fi ọṣẹ wa wẹ̀ tí ara rẹ̀ sì dán, bó bá rí orúkọ yẹn lára aṣáà, kò ní bèèrè ìbéèrè. Orúkọ kan, ìpolówó kan, páànù kan!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni páànù. Ara páànù karosínì la fẹ́ gé lẹ́tà sí, kí a gbé e lé ọjà, kí a fi aró kùn ún kọjá kí orúkọ náà yọ lábẹ́. Mo ti ro bí ọwọ́ mi ṣe máa rí bí mo bá gé páànù mẹ́rin. Ìmọ̀ràn tí kọ́ńpìnnì náà fi kó sí wàhálà, ọ̀lẹ ló bí i.

Bàbá Kékeré mi orí. "Orúkọ kan. Ó wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n orúkọ wo?"

Ó gbójú sókè wo àjà. Àwa náà wo àjà. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, "Tèmi ńkọ́?"

Ìyàwó kékeré la ẹnu, ó sì pa á dé. Mo rò pé ó fẹ́ yán ni. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo ọkọ rẹ̀ tìyanu-tìyanu, ó rọra dìde, ó ní òun ń lọ wo iná ọṣẹ. Ìyàwó kejì rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àmì tí àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn fún wa lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tí èmi tí mo lọ sílé ìwé lè kà.

Mo gé páànù. Lẹ́tà kan wà nínú orúkọ náà tó rí roboto. Mo gé e yíká dáadáa, bí mo ṣe gé e tán, àárín rẹ̀ já bọ́, ihò lásán ló kù. Mo tún gbé páànù mìíràn, ó tún já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rántí pé ó yẹ kí n fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láìgé tó máa so àárín mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀lẹ tó sá fún páànù mẹ́rin ti gé mẹ́ta lórí orúkọ kan.

Agbè àdín rọrùn, mo kùn ún lára. Ọṣẹ ló le, torí ewé la fi ń wé e, aró kì í dúró lára ewé. Mo ya aṣọ funfun sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ orúkọ náà sí wọn, a fi ń so ewé ọṣẹ, a fi ń so àdó aṣáà, a fi so èèpo àgbàdo tí oògùn eku wà nínú rẹ̀. Gbogbo àgbàlá wa kún fún orúkọ Bàbá Kékeré tí a sá sórí okùn. Ó ń rìn gba abẹ́ wọn kọjá, ó ń rọra, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń kí.

Ọjà dé. A pàtẹ. Mo dúró lẹ́yìn àwọn ìyàwó pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, bí akọ̀wé tòótọ́. Mo ní, "Ó yá, ẹ polówó."

Wọ́n ń tún àtẹ tò.

"Ẹ polówó, ẹ̀yin ìyá mi. Ọjà ti kún."

Ìyàwó kékeré yí ojú sí mi. Èmi ti wà nílé kí ó tó dé, nítorí náà kò lè pe orúkọ mi, ó ti fún mi ní tirẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kó síléètì wálé. Ó ní, "Akọ̀wé-ò-kàwé-tán, ọkọ mi, kí la máa pè é?"

"Ẹ pe ohun tí mo kọ sára rẹ̀."

"Kí lo kọ?"

"Ṣebí orúkọ Bàbá..."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ó ní, "Ó yá, parí ẹ̀. O ti rí ìyàwó ilé tó dúró sáàárín ọjà tó ń ké orúkọ ọkọ rẹ̀ rí? Tó ní ọkọ òun rèé, ẹ wá rà á?"

Ìyàwó kejì ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yẹn, mi ò tíì fi ẹnu mi kan orúkọ yẹn. Kì í ṣe tìtorí ọṣẹ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Mo wo ọjà. Àwọn tó ń rajà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló kéré sí Bàbá Kékeré lọ́jọ́ orí. Àwọn náà ò lè pe orúkọ rẹ̀ ní gbayawu. A ti fún ọjà wa ní orúkọ tí ẹni tó ń tà á ò lè pè, tí ẹni tó ń rà á ò lè pè, tí kò sì sí ẹni tó lè kà á àfi èmi. Èmi sì rèé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rántí ọkọ́ tó wà lára ògiri. Mo bọ́ síwájú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo ké orúkọ Bàbá Kékeré tán pátápátá, láìsí bàbá níwájú rẹ̀. Mo ní ó dé o, ó ń hó, ó ń dán, ẹ wá mú un!

Ìgbátí tó dáhùn, mi ò rí ibi tó ti wá. Bàbá arúgbó kan ni, ọ̀rẹ́ bàbá bàbá mi.

"Ọmọ ta nìyí tó ń pe bàbá rẹ̀ bí ẹni ń pe ajá?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọṣẹ ni mò ń pè."

"Ọṣẹ?" Ó tún gbá mi níkejì. "O tún sọ bàbá rẹ di ọṣẹ!"

Mo padà sẹ́yìn àwọn ìyàwó. Mi ò káwọ́ sẹ́yìn mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọwọ́ mi wà.

Àwọn kan ṣoṣo tó gbádùn orúkọ náà ni àwọn ẹgbẹ́ Bàbá Kékeré. Ọ̀kan mú ọṣẹ, ó pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan, ó ní, "Ẹ wé e fún mi, mo fẹ́ fi fọ àtẹ́lẹsẹ̀!" Èkejì ní òun ti fà á símú láàárọ̀, òun sì ti sín in jáde. Bàbá Kékeré dúró níbẹ̀, ó ń fipá rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan wá ra àdín fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ó rí i pé iṣẹ́ aró tó wà lára agbè náà ló wà lára èèpo àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

Ìyàwó kejì ò lè purọ́. "Oògùn eku ni, Ìyá."

"Àmì kan náà?"

"Ilé kan náà ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n..."

Ìyá àgbà gbé agbè náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ nù lára aṣọ. "Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni mo fẹ́ fi í pa lára. Kì í ṣe eku." Ó lọ. Àwọn méjì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bá a lọ. Mo ti sọ pé ọṣẹ á fa àwọn yòókù lọ́wọ́ wọlé. Mi ò rò ó pé oògùn eku náà ní ọwọ́, tó lè fà wọ́n jáde.

Nígbà tí a délé, mo retí kí Bàbá Kékeré ní ká gé orúkọ mìíràn. Ó ronú, ó ronú. Ó ní, "Mo ti mọ ohun tó fà á. Lẹ́tà rẹ kéré."

Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹni tó lè pè é."

"Bí ó bá tóbi, wọ́n á pè é." Ó gbé páànù odidi kan fún mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, "Ti pípè yẹn, mo ti rí ọ̀nà sí i. Ẹni tó bá jù mí lọ lè pè mí. Mo máa wá àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ìyekan mi, á jókòó sídìí àtẹ, á máa ké e."

Ó lọ mú bàbá kan wá láti Òkè-Òpin. Bàbá náà ti dàgbà débi pé kò sí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa tí kò lè pè lórúkọ. Ohun tó gbà fún iṣẹ́ náà ni aṣáà, iye tó bá lè fín. Inú Bàbá Kékeré dùn. Ó ti gbàgbé pé ní ìgbà kan, ewúrẹ́ òun wọ oko ẹ̀gẹ́ bàbá yìí. Bàbá náà ò gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí a ń retí akọ̀wé Ọ̀fà, a tètè dé ọjà. A gbé bàbá Òkè-Òpin jókòó sórí àpótí, a fi aṣáà sí i lọ́wọ́. Lẹ́tà mi ti tóbi débi pé ìdajì orúkọ ló gba ara agbè kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ ra agbè méjì kó tó mọ ẹni tó ni àdín.

Akọ̀wé dé. Ó kí Bàbá Kékeré, ó lọ dúró sábẹ́ igi kan láàárín ọjà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí bó ṣe ṣèlérí. Bàbá Kékeré ṣẹ́jú sí bàbá Òkè-Òpin. Bàbá náà fín aṣáà, ó sín, ó nu omi ojú, ó ké orúkọ náà. Ohùn rẹ̀ ṣì le! Bàbá Kékeré nàró.

Bàbá náà tún ké e, ó wá fi kún un, "Ẹlẹ́wúrẹ́! Ẹ̀gẹ́ mi dà?"

Bàbá Kékeré ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ nìkan..."

"Orúkọ náà ni mò ń pè! Gbogbo ọjà, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀gẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò!" Ó tún fín aṣáà, ara rẹ̀ tún le sí i.

Nínú ariwo yẹn ni mo gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọmọge kan láti Ìlọ́fà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní Adúmáadán."

Mo yí orí. Adúmáadán kẹ̀? Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti wé ọṣẹ fún un. Ẹlòmíràn dé, "Adúmáadán kù bí?" Ìyàwó kejì ń juwọ́ sí àwọn oníbàárà, "Ìbàdíàrán rèé o, ẹ fi para kí ara dán!" Ìyàwó kékeré náà ń kọrin tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, "Lajú-sílẹ̀, Lajú-sílẹ̀ dé, ẹni oorun ń kùn wá gbà á."

Mo ba sẹ́yìn ìyàwó kékeré. "Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ èyí?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbá ọ létí ni. A ti ń lọ sí ojúlé, sí odò, a sọ fún gbogbo wọn. Bí ìyàwó ò bá lè pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ṣebí á fún un ní òmíràn ni? Bí mo ṣe fún ọ ní tìrẹ nìyẹn." Ó fi ẹnu tọ́ka sí oògùn eku tó wà ní ìkangun àtẹ. "Ìyẹn nìkan la ò fún lórúkọ. Kò jọ ọkọ lójú wa."

Akọ̀wé kúrò lábẹ́ igi. Ó wá dúró síwájú àtẹ, ó kó ẹsẹ̀ pọ̀. "Ta ló ni Adúmáadán?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Ọkọ wa ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo ilẹ̀. Ó wo ìyàwó kejì, ìyẹn wo ìyàwó kékeré, ìyàwó kékeré wò mí. Èmi fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Bàbá Kékeré bọ́ síwájú, ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun ló wà lára gbogbo ọjà yẹn, kó wò ó, lẹ́tà náà tóbi.

Akọ̀wé ka ìdajì tó wà lára agbè kan, ó ka ìdajì tó wà lára èkejì. Ó ní, "Bàbá, láti òwúrọ̀ tí mo ti dúró níhìn-ín, orúkọ yìí, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni náà ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ó ń wá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ni."

Bàbá Òkè-Òpin ní, "Òótọ́ ló sọ."

Bàbá Kékeré jókòó sórí ilẹ̀ bí ó ṣe rí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó dá mi lójú pé ó ti pa ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tì, ọ̀nà Ọ̀fà ló ń wò, tó ń dí mọ́ ọn lójú, tí oníkìnnìún sì ń gba ibẹ̀ bọ̀. Èmi náà ń wo ọkọ́ tèmi.

Akọ̀wé ní, "Adúmáadán ń bá mi lọ. Ìbàdíàrán náà ń bá mi lọ. Aṣáà, mi ò tíì gbọ́ ọ tó."

Bàbá Kékeré gbójú sókè. "Wọ́n ń bá ọ lọ?"

"Wọ́n forúkọ bèèrè wọn. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ẹ lè wá àmì kékeré kan tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, èyí tí kò ní ju èékánná lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ràn ọṣẹ lè mọ̀ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni aṣáà yìí. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn," ó nawọ́ sí oògùn eku, kò fọwọ́ kàn án, "kí ìyẹn má ṣe bá wọn ní àmì kankan pọ̀. Kó dá wà."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Mo ní ọṣẹ mi ò bá eku tan."

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Ilà mẹ́ta tí ilé wa ń kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo gé, kékeré báyìí, lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn mọ ilà náà láì kàwé. Nígbà tó yá, aṣáà tẹ̀ lé ọṣẹ wọ Ọ̀fà nípasẹ̀ ilà mẹ́ta yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi lórí àpótí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Páànù tí mo wá gé níkẹyìn? Mẹ́rin ni: orúkọ mẹ́ta àti ilà. Bí ẹ bá ka àwọn tó bàjẹ́ mọ́ ọn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà mi iye tó jẹ́, èmi ò lè rò ó pọ̀.

Àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti tẹ orúkọ Bàbá Kékeré sí ṣì kún inú agbọ̀n. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ wọ́n nù, aṣọ funfun gidi ni. Àwọn ìyàwó ò lè fi wọ́n so ọṣẹ mọ́, wọn ò lè fi wọ́n so aṣáà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò ní orúkọ. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ń fi wọ́n so ó, lẹ́yìn ilé, láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ti òun. Títí di òní, ní gbogbo ọjà Òsí, oògùn eku nìkan ló ń jẹ́ orúkọ Bàbá Kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń fi orúkọ rà á, wọ́n sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. "Méjì ni ìwọ pa nílé mi lánàá," ni wọ́n ń wí fún un, á sì dáhùn pé òun á túbọ̀ gbìyànjú.

Bàbá mi mú ọkọ́ kúrò lára ògiri. Kò gbé e jìnnà.

Mo bá ẹrù lọ sí Ọ̀fà lẹ́yìn náà, mo rí ọkọ̀ ojú irin, mo rí Adúmáadán lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkìnnìún. Obìnrin kan mú un, ó fi ìka tọ ilà mẹ́ta náà, ó kọjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, ta ló ni ilé tó ń ṣe èyí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Òsí jìnnà. Bàbá Kékeré ò sí níbẹ̀, arúgbó tó gbá mi létí ò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Ọkọ àwọn ìyàwó wa ni."

Obìnrin náà ní kí n wé méjì fún òun.